Bí a ṣe ń tú ìpínrọ̀ owó sísan inú àdéhùn iṣẹ́ sí ọ̀rọ̀ tó yé ènìyàn, tó sì ṣì de ẹni tó gbà á

Ọ̀pọ̀ wa ló ti gba irú ímeèlì yìí rí. Ẹni tó fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́ kí wa dáadáa, ó ṣàlàyé ohun tó máa ṣe, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara, àfi ìgbà tó dé orí owó. Ibẹ̀ ni èdè ti yí padà bìrí. Gbólóhùn kan ṣoṣo gba gbogbo ìpínrọ̀, kò mí, kò sinmi. Ẹni tó ń kà á fojú fò ó, ó fèsì pé, "Ó dára, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́." Lẹ́yìn oṣù méjì, tí ìjà owó bá bẹ́ sílẹ̀, inú gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò kà yẹn ni yóò ti jáde.

Ìdí tí àwọn oníṣẹ́ fi ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yé mi. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé tí àwọn bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ ọ́, kò ní lágbára mọ́. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ti gbìyànjú láti tú u, ṣùgbọ́n wọ́n fi oyin sí i títí tí kò fi sí gbèsè kankan nínú rẹ̀ mọ́. Mo kọ àlàyé yìí fún ìhà méjèèjì. A ó mú ìpínrọ̀ kan, a ó tú u palẹ̀, a ó wo ohun tó fi pamọ́, lẹ́yìn náà a ó tún un kọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo la máa bá pàdé?

Wọn kò pọ̀. *Oníṣẹ́* ni ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́. *Oníbàárà* ni ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un. *Àsansílẹ̀* ni owó tí oníbàárà san kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. *Ìnfọ́ísì* ni ìwé tí oníṣẹ́ fi béèrè owó, tó sọ iye tó kù àti ìgbà tó yẹ kí a san án. *Ìtẹ́wọ́gbà* ni kí oníbàárà yẹ iṣẹ́ wò kó sì gbà pé ó pé bí wọ́n ṣe jọ sọ ọ́. *Gbèdéke* ni ọjọ́ tó kẹ́yìn tí owó gbọ́dọ̀ dé. *Àtakò* ni kí oníbàárà sọ pé òun kò gbà pẹ̀lú ohun kan nínú ìnfọ́ísì.

Báwo ni ìpínrọ̀ náà ṣe rí?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ kan kọ́ ìkànnì lórí ayélujára. Ká sọ pé owó iṣẹ́ náà jẹ́ 1,000, nínú owó yòówù tí wọ́n bá ń ná. Ìpínrọ̀ owó inú ímeèlì rẹ̀ rèé:

> Oníbàárà yóò san ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀ tí kò ṣeé dá padà nígbà tí a bá buwọ́ lu àdéhùn yìí, tí èyí tó ṣẹ́kù yóò sì di sísan láàárín ọjọ́ 30 tó tẹ̀lé ìtẹ́wọ́gbà iṣẹ́ náà, bí kò bá sí àtakò tí Oníbàárà fi ránṣẹ́ ní kíkọ láàárín ọjọ́ 10 tó gba ìnfọ́ísì, bẹ́ẹ̀ sì ni owó yòówù tí kò bá di sísan ní gbèdéke rẹ̀ yóò máa fa èlé ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù títí tí a ó fi san án tán, láìṣe ìdènà fún ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ láti dá iṣẹ́ dúró tàbí láti lo ẹ̀tọ́ mìíràn tí òfin fún un, tí gbogbo iye owó sì wà láìka owó orí àti owó bánkì mọ́ ọn, èyí tí yóò wà lọ́rùn Oníbàárà.

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó le fúnra rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àdéhùn mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n so pọ̀ mọ́ra, tí ẹni tó ń kà á kò sì mọ ibi tí ọ̀kan parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Báwo la ṣe ń tú u?

Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ kọ. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ wá gbogbo ibi tí ẹnì kan ti jẹ ẹnì kejì ní nǹkan, kí ẹ kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́nà kan náà: ta ni, kí ló máa ṣe, nígbà wo. Tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìpínrọ̀ òkè yìí, ohun tó máa jáde nìyí. Oníbàárà máa san 400 ní ọjọ́ tí wọ́n bá buwọ́ lùwé. Oníbàárà máa san 600 láàárín ọjọ́ 30 lẹ́yìn ìtẹ́wọ́gbà. Tí oníbàárà bá ní àtakò, á kọ ọ́ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 10. Owó tó bá pẹ́ máa fa èlé. Oníṣẹ́ lè dá iṣẹ́ dúró. Oníbàárà ló máa ru owó orí àti owó bánkì.

Ìlà mẹ́fà péré. Tí ẹ bá ti rí wọn báyìí, ẹ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan: tí ẹnì kejì kò bá ṣe nǹkan kan, tó kàn dákẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ìbéèrè yìí ló máa ń tú àṣírí. Nínú ìpínrọ̀ tiwa, ó tú mẹ́ta.

Ìgbà wo gan-an ni kíkà ọjọ́ 30 bẹ̀rẹ̀?

Àṣírí tó tóbi jù nìyí, mo sì fẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí òun ni mo rí pé ó ń jẹ àwọn oníṣẹ́ ní owó jùlọ.

Gbogbo ènìyàn máa ń wo nọ́ńbà náà, 30. Wọn kì í wo ohun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀. Ó dà bí eré sísá: ẹ lè sọ pé ẹni tó bá lé ní ìṣẹ́jú kan ti fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò bá fọn fèrè, kò sí ìṣẹ́jú kankan tó ń lọ. Nínú ìpínrọ̀ yìí, ìtẹ́wọ́gbà ni fèrè náà, ọwọ́ oníbàárà ló sì wà. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé ó ní ọjọ́ mélòó láti tẹ́wọ́ gba iṣẹ́. Tí oníṣẹ́ bá fi ìkànnì ránṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹfà, tí oníbàárà kò sì sọ pé ó dára tàbí kò dára, ọjọ́ 30 náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ. Owó kò tíì pẹ́. Èlé kò tíì wọ̀ ọ́. Ìpínrọ̀ tó dún bíi pé ó le koko kò mú ẹnikẹ́ni.

Àwọn aṣòfin pàápàá mọ ìṣòro yìí. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2011 lórí àwọn tí kì í tètè sanwó sọ pé tí òfin tàbí àdéhùn bá ní kí a kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ wò kí a tó gbà á, àyẹ̀wò náà kò gbọ́dọ̀ lé ní ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti dé, àyàfi tí àwọn méjèèjì bá fẹnu kò kedere sí nǹkan mìíràn, tí nǹkan ọ̀hún kò sì ní jẹ́ ìrẹ́jẹ tó burú fún ẹni tó ń retí owó.

Ọ̀nà àbáyọ rọrùn: ẹ fún ìtẹ́wọ́gbà ní gbèdéke tirẹ̀. Ọjọ́ 7 ni mo máa lò nínú àpẹẹrẹ wa. Bí oníbàárà bá dákẹ́ títí ọjọ́ 7 fi pé, a gbà pé ó ti tẹ́wọ́ gba iṣẹ́. Ẹ wá wo bí ọjọ́ ṣe tò: iṣẹ́ lọ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹfà, ọjọ́ 7 pé ní ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ 30 lẹ́yìn ìyẹn bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ Oṣù Keje. Ẹnikẹ́ni lè fi ìka kà á lórí kàlẹ́ńdà.

Ẹ sì sọ irú ọjọ́ tí ẹ ń kà. Tí ẹ bá ní "ọjọ́ 30" lásán, ẹnì kan lè máa yọ ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú kúrò, kí ẹnì kejì máa kà wọ́n mọ́ ọn. Ọjọ́ iṣẹ́ 30 jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ló máa pa iyèméjì náà.

Tí oníbàárà bá ní àtakò lórí nǹkan kékeré ńkọ́?

Àṣírí kejì nìyí. Ìpínrọ̀ náà sọ pé oníbàárà máa sanwó "bí kò bá sí àtakò". Ẹ tún un kà dáadáa. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àtakò kan ṣoṣo, ó kéré tàbí ó tóbi, lè dá gbogbo 600 dúró. Tí oníbàárà bá ní kò yẹ kí wọ́n gba 50 lọ́wọ́ òun fún àwòrán kan tí wọ́n fi kún ojú ewé kejì, 550 tí kò sí ìjà lórí rẹ̀ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi yanjú ọ̀rọ̀ àwòrán.

Ẹni tó kọ ọ́ lè má ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́kàn rárá. Ṣùgbọ́n bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ohun tó tọ́ fún àwọn méjèèjì ni kí oníbàárà sọ apá tí kò gbà, kó sọ ìdí, kó sì san ìyókù ní gbèdéke. Kò rẹ́ oníbàárà jẹ, torí kò sanwó ohun tó ń jà lé lórí. Kò rẹ́ oníṣẹ́ jẹ, torí ìjà 50 kò ní kó 550 mọ́ra.

"Àsansílẹ̀ tí kò ṣeé dá padà": lọ́wọ́ ta ni?

Tí oníbàárà bá yí ọkàn padà lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó bọ́gbọ́n mu kí oníṣẹ́ mú 400 náà dání. Ó ti fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, bóyá ó ti kọ iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ náà kò sọ pé bí oníbàárà bá yí ọkàn padà nìkan. Ó ní kò ṣeé dá padà, ó tán. Tí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá sá lọ ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, òfin kò ní jẹ́ kó mú owó lọ lórí iṣẹ́ tí kò ṣe, ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ó fi dúró de ilé ẹjọ́ kó tó sọ ohun tí gbólóhùn kan lè sọ?

Mo fẹ́ ká ṣọ́ra níbí. Àwọn àṣírí mẹ́ta tí a tú yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè mọ́. Ọjọ́ 7 fún àyẹ̀wò, sísan apá tí kò sí ìjà lórí rẹ̀, àti dídá àsansílẹ̀ padà tí oníṣẹ́ bá kùnà: àdéhùn tuntun ni wọ́n. Kò sí wọn nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá dọ́gbọ́n fi wọ́n sínú ẹ̀dà tuntun, tó ní òun kàn mú ọ̀rọ̀ rọrùn ni, ti tan ẹnì kejì rẹ̀ jẹ, kódà bó bá jẹ́ pé oore ló fẹ́ ṣe. Ẹ sọ ọ́ jáde fún un: "Nígbà tí à ń tún ìpínrọ̀ yìí kọ, a rí ohun mẹ́ta tí kò sọ. Èyí ni ohun tí a dábàá. Ṣé ẹ gbà?"

Báwo ni èlé náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kò dún bíi nǹkan ńlá, ìdí nìyí tí kì í fi í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún un. Lórí 600, ó jẹ́ 9 fún oṣù kan. Tí oníbàárà bá fi ọjọ́ 15 pẹ́, tí a bá ka oṣù sí ọjọ́ 30, ó jẹ́ 4.50. Ó tán. Àpẹẹrẹ kan tó ní nọ́ńbà nínú máa ń ṣe ju àlàyé gígùn lọ, ó sì de oníṣẹ́ pẹ̀lú: kò lè wá fi ọ̀nà ìṣirò mìíràn béèrè owó lẹ́yìn náà.

Ohun tí ìpínrọ̀ náà kò sọ ni bóyá èlé á máa bí èlé. Tí kò bá bí, ìdá 1.5 lóṣooṣù jẹ́ ìdá 18 lọ́dún. Tó bá bí, ó máa lé díẹ̀ ní ìdá 19.5. Ẹ sọ èyí tó jẹ́. Èyí tí kò bí èlé ni mo máa yàn, torí ó rọrùn láti ṣírò, ìjà rẹ̀ sì kéré. Ẹ má sì jẹ́ kó ga jù. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ilé ẹjọ́ lè kọ owó ìdádúró tó bá ti di ìjìyà, tí kò bá ìpalára tí ìdádúró náà fà mu rárá.

Owó orí àti owó bánkì?

Kí ẹ kàn rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò fi àyè sílẹ̀. Tí oníbàárà bá fi 600 ránṣẹ́, tí bánkì yọ 5, tí 595 dé, ṣé ó ti san gbèsè rẹ̀ tán? "Iye tó máa dé ọwọ́ wa gbọ́dọ̀ pé 600" ti dáhùn rẹ̀. Ní ti owó orí, oríṣi méjì ló máa ń dàrú pọ̀: èyí tí a fi kún owó iṣẹ́, àti èyí tí òfin ilẹ̀ kan ní kí oníbàárà yọ nínú owó oníṣẹ́ kó san án fún ìjọba. Ẹ dárúkọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn. Tí òfin ibi tí ẹ wà bá ní kí oníbàárà yọ oríṣi kejì, ẹ ní kó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, kí iye tó dín má bàa dà bíi gbèsè.

Ibo ni ọ̀rọ̀ dídùn ti ń pa àdéhùn?

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí: "Inú wa á dùn tí ẹ bá lè san ìyókù láìpẹ́." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kí owó dé ní nǹkan bí ọjọ́ 30." "A retí pé ẹ ó san án nígbà tó bá rọrùn fún yín." Gbogbo wọn ló tu ènìyàn lára, kò sì sí ọ̀kan tó de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gbìyànjú tí kò rí i san ti ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe. "Láìpẹ́" kò ní ọjọ́. "Nígbà tó bá rọrùn" ti fi gbèdéke lé e lọ́wọ́.

Ohun tó de ènìyàn ni "ẹ ó san" tàbí "ẹ gbọ́dọ̀ san", pẹ̀lú iye àti ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí àrífín nínú rẹ̀. "Ẹ ó san 600 ní ọjọ́ kẹjọ Oṣù Keje" kò bú ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọ̀yàyà gbọ́dọ̀ wà ni àyíká àdéhùn: nínú ìkíni, nínú ìdí tí ẹ fi ń béèrè nǹkan, nínú ìlérí tí ẹ̀yin náà ń ṣe, nínú bí ẹ ṣe ní kí wọ́n pè yín tí ìṣòro bá fẹ́ yọjú kí gbèdéke tó dé. Ẹ dá ọ̀yàyà sí ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó wọ inú gbólóhùn tó gbé gbèsè.

"A lè" ní àyè tirẹ̀. Ó dára fún ẹ̀tọ́ tí ẹ fẹ́ pa mọ́ sọ́wọ́ láti lò tàbí kí ẹ má lò, bí àpẹẹrẹ, "a lè dá iṣẹ́ dúró". Kò dára fún ojúṣe. Tí ẹ bá kọ pé "ẹ lè san ìyókù láàárín ọjọ́ 30", ẹ ti fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti má san án.

Gbólóhùn "láìṣe ìdènà fún ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́" sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gé dànù nígbà tí wọ́n bá ń tún un kọ, torí pé ó dún bí ariwo lásán. Ẹ má gé e. Ohun tó ń sọ ni pé gbígba èlé kò ní kí oníṣẹ́ má lè dá iṣẹ́ dúró, tàbí kó má lè lo ọ̀nà mìíràn tí òfin fún un. Láìsí i, oníbàárà lè sọ pé, "Ẹ ti gba èlé, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, ẹ kò tún lè ṣe nǹkan mìíràn."

Báwo ni ẹ̀dà tuntun ṣe máa rí?

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé, tí oníbàárà bá ti gbà sí ohun tuntun mẹ́ta tí a dábàá, tó sì ti gbà pé èlé kò ní bí èlé:

> Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣeun tí ẹ fi iṣẹ́ yìí lé wa lọ́wọ́. Bí owó rẹ̀ ṣe máa lọ nìyí. Tí ohunkóhun kò bá yé yín, ẹ pè wá kí ẹ tó fèsì.
>
> Àsansílẹ̀. Ẹ ó san 400 (ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún) ní ọjọ́ tí ẹ bá buwọ́ lu àdéhùn. Tí ẹ̀yin bá dá iṣẹ́ náà dúró, a kò ní dá owó yìí padà. Tí àwa bá kùnà láti ṣe é, a ó dá gbogbo rẹ̀ padà.
>
> Àyẹ̀wò. Ẹ ní ọjọ́ 7 láti yẹ iṣẹ́ wò, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì tí a fi ránṣẹ́. Tí àtúnṣe bá wà, ẹ kọ ọ́ sí wa nínú ọjọ́ 7 náà. Tí ẹ kò bá kọ nǹkan kan títí ọjọ́ 7 fi pé, ẹ ti tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ náà ní ọjọ́ keje.
>
> Ìyókù owó. Ẹ ó san 600 tó kù láàárín ọjọ́ 30 lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ tẹ́wọ́ gba iṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà la ń kà. Bí àpẹẹrẹ, tí ẹ bá tẹ́wọ́ gbà á ní ọjọ́ kẹjọ Oṣù Kẹfà, ọjọ́ kẹjọ Oṣù Keje ni gbèdéke.
>
> Tí ẹ kò bá gbà pẹ̀lú ìnfọ́ísì. Ẹ kọ̀wé sí wa láàárín ọjọ́ 10 tí ẹ gbà á, kí ẹ sọ apá tí ẹ kò gbà àti ìdí rẹ̀. Ẹ ó san apá tó kù ní gbèdéke.
>
> Tí owó bá pẹ́. Èlé ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù yóò wọ owó tó pẹ́, títí ẹ ó fi san án. Èlé kì í bí èlé. Ọjọ́ 15 lórí 600 jẹ́ 4.50. A tún lè dá iṣẹ́ dúró, a sì lè lo ẹ̀tọ́ yòówù tí òfin fún wa. Gbígba èlé kò gba ìyẹn lọ́wọ́ wa.
>
> Owó bánkì àti owó orí. Ẹ̀yin lẹ ó san owó tí bánkì bá gbà àti owó orí tí òfin bá fi kún owó iṣẹ́. Iye tó máa dé ọwọ́ wa gbọ́dọ̀ pé.
>
> Tí ẹ bá gbà, ẹ fèsì sí ímeèlì yìí pé: "Mo gba àdéhùn owó yìí." A ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí èsì yín àti àsansílẹ̀ bá dé.

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò burú. Ẹni tó fẹ́ mọ ọjọ́ tó máa sanwó yóò rí i ní ìlà kan, kò ní máa wá a kiri.

Ṣé èsì ímeèlì lásán lè de ènìyàn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí òfin okòwò gbé òfin àwòkọ́ṣe kan jáde ní 1996 lórí okòwò orí ẹ̀rọ. Ó sọ pé ènìyàn lè fi iṣẹ́ orí ẹ̀rọ dábàá àdéhùn kí a sì fi gbà á, pé a kò gbọ́dọ̀ sọ pé àdéhùn kò múlẹ̀ kìkì nítorí pé orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti mú òfin tiwọn jáde láti inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn nínú ẹ̀dà tuntun fi ṣe pàtàkì. "Mo ti rí i, ẹ ṣeun" kò sọ bóyá ó gbà. "Mo gba àdéhùn owó yìí" sọ ọ́.

Ìṣòro tó kù ni tí ìwé méjì bá wà. Tí ẹ bá ti buwọ́ lu àdéhùn gígùn tó ní ìpínrọ̀ àtijọ́ nínú, tí ẹ wá fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ nínú ímeèlì, èwo ló máa ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá tako ara wọn? Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti méfò. Ẹ kọ ọ́: "Ọ̀rọ̀ inú ímeèlì yìí ló rọ́pò ìpínrọ̀ owó inú àdéhùn wa." Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ wo àdéhùn gígùn náà bóyá ó ní ìwé tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí nìkan ló lè yí òun padà. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, èsì ímeèlì lè má tó. Ẹ fi ẹ̀dà tuntun sínú ìwé, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú. Ẹ má sì pe ẹ̀dà tuntun ní "àkópọ̀" tàbí "àlàyé ṣókí". Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ sọ pé ibòmíràn ni àdéhùn gidi wà.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń kọ̀wé gbọ́dọ̀ mọ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá ní ìtumọ̀ méjì tí kò ṣeé yàn láàárín wọn, ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ máa ń mú èyí tó gbe ẹni tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Torí náà, ọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn kò dáàbò bo oníṣẹ́ tó kọ ọ́. Òun gan-an ló máa ń ṣàkóbá fún.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yé?

Ẹ má bi oníbàárà pé, "Ṣé ó yé yín?" Á ní ó yé òun. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ rárá, ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà kó kà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá bi í ní ìbéèrè tó ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Iṣẹ́ lọ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹfà, oníbàárà kò sọ nǹkan kan: ọjọ́ wo ni owó gbọ́dọ̀ dé? Ó ní òun kò gbà 50 nínú 600: èló ló máa san ní ọjọ́ yẹn? Oníṣẹ́ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀: èló ló máa dá padà? Tó bá dáhùn pé ọjọ́ kẹjọ Oṣù Keje, 550, àti 400, láìpadà wá bi yín, ẹ fi ránṣẹ́. Tó bá ta kókó níbì kan, ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ fún un lẹ́nu. Ẹ padà sí ìlà tó dá a dúró, kí ẹ tún un kọ, torí ẹ kò ní sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà nígbà tó bá ń kà á.